Nọ́ńbà Ilé, Nọ́ńbà Ṣọ́ọ̀bù: Bí WhatsApp Méjì Ṣe Ń Gbé Inú Fóònù Kan

WhatsApp Business jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2018 fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmì rẹ̀ jọ ti WhatsApp tí gbogbo ayé mọ̀, àfi pé lẹ́tà B ló wà níbi tí àwòrán fóònù wà lára èkejì. Áàpù méjèèjì lè wà lórí fóònù kan náà láìdí ara wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òfin kan de gbogbo rẹ̀: nọ́ńbà kan kò lè wà nínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ti wọ ọ̀kan, ó ti kúrò nínú èkejì nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ ya ọ̀rọ̀ oníbàárà kúrò lára ọ̀rọ̀ ilé fi gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà méjì.

Fóònù onísíìmù méjì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà àyè síìmù kejì kì í sábà jẹ́ ìṣòro. Dátà ló máa ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù, wọ́n rò pé síìmù kejì náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Áàpù méjèèjì lè jọ máa jẹ dátà síìmù kan, wọ́n sì lè lo Wáífáì. Ọjọ́ tí a bá ń forúkọ nọ́ńbà sílẹ̀ ni WhatsApp nílò síìmù rẹ̀ gan-an, kó lè fi kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí i. Síìmù ọ̀hún tilẹ̀ lè wà nínú fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì. Láti ọdún 2023, WhatsApp lásán náà ti gba àkáǹtì méjì lórí Android, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni méjèèjì ń gbé wá, ó sì rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ ilé ránṣẹ́ láti orí àkáǹtì ọjà. Fún ẹni tó ń tajà, áàpù méjì dára jù ú lọ.

Ohun tó le jù níbẹ̀ ni mímọ nọ́ńbà tí yóò lọ síbi kọ̀ọ̀kan. Ká mú aránṣọ kan ní Ìbàdàn, tó ti ń lo nọ́ńbà kan ṣoṣo láti ìgbà tó ti gba fíríìdọ̀mù. Nọ́ńbà yẹn wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù, lára náílọ́ọ̀nù tó fi ń kó aṣọ fún oníbàárà, àti nínú fóònù àwọn tí òun fúnra rẹ̀ kò rántí mọ́. Òun náà ni ìyá rẹ̀ àti gbogbo mọ̀lẹ́bí fi ń pè é. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ènìyàn lọ́kàn ni kó ra síìmù tuntun fún ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà àtijọ́ yóò ṣì máa wá bá a lórí nọ́ńbà ilé, ìdàpọ̀mọ́ra tó ń sá fún yóò sì wà níbẹ̀. Ó sàn kí nọ́ńbà àtijọ́ di ti ṣọ́ọ̀bù, kí tuntun jẹ́ ti ilé. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ ṣeé kà, wọ́n sì ṣeé pè lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà kò ṣeé kà. Síìmù àtijọ́ kò kúrò nínú fóònù, nítorí náà áláàtì báńkì yóò máa wọlé bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò ni kò ní wàhálà yìí: kó kàn fún ọjà rẹ̀ ní nọ́ńbà tuntun.

Aránṣọ náà yóò kọ́kọ́ fi NIN rẹ̀ forúkọ síìmù tuntun sílẹ̀. Nínú WhatsApp tó ń lò, yóò wọ Settings, yóò tẹ Chats, yóò tẹ Chat backup, kí ẹ̀dà àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ lè wà ní ìpamọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò gba WhatsApp Business láti Play Store. Bó bá ṣí i, áàpù náà yóò rí nọ́ńbà tó wà nínú WhatsApp, yóò sì bi í bóyá òun ni kí òun lò. Bó bá gbà, àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ yóò kó wá síbẹ̀. Kí fóònù ní iná dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sì pa á títí yóò fi parí. Nígbà tó bá padà ṣí WhatsApp lásán, yóò béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ibẹ̀ ni yóò fi nọ́ńbà tuntun sí.

Gúrúùpù mọ̀lẹ́bí àti ti ìjọ yóò ti bá nọ́ńbà àtijọ́ lọ sínú áàpù ọjà. Kí aránṣọ ní kí wọ́n fa nọ́ńbà tuntun wọlé, kí àtijọ́ tó jáde. Níbi tó bá ti jẹ́ ádímìnì, òun fúnra rẹ̀ lè ṣe é, kó sì sọ nọ́ńbà tuntun di ádímìnì. Bí òun nìkan bá ni ádímìnì tó sì jáde láìṣe bẹ́ẹ̀, WhatsApp yóò fún ẹlòmíràn ní ipò náà, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò sẹ́ni tó fẹ́.

Àwọn kan máa ń rò pé Change number tó wà nínú Settings ló yẹ kí wọ́n lò. Iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ fi nọ́ńbà kan sílẹ̀ pátápátá nìyẹn. Ó ń kó àkáǹtì lọ sórí nọ́ńbà tuntun, kò sì ní fi ohunkóhun sílẹ̀ lórí ti àtijọ́.

Nínú áàpù ọjà, ohun tó wúlò jù fún aránṣọ ni àwọn àmì tí a lè lẹ̀ mọ́ orúkọ oníbàárà. Pending payment wà fún ẹni tí kò tíì sanwó, Paid fún ẹni tó ti san, kò sì ní máa wá gbèsè kiri láàárín ọ̀rọ̀ ìkíni mọ́. Away message yóò sọ fún ẹni tó bá kọ̀wé lóru pé ṣọ́ọ̀bù ti tì. Bó bá sì ní ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́n, ó lè so fóònù ọmọ náà mọ́ áàpù ọjà láti Linked devices, kó máa dá oníbàárà lóhùn. Ọmọ iṣẹ́ kò ní rí ọ̀rọ̀ òun àti ọkọ rẹ̀, nítorí àkáǹtì mìíràn ni ìyẹn wà.

Síbẹ̀, àwọn orúkọ tó wà nínú fóònù kì í pín sí méjì. Áàpù méjèèjì ń ka ìwé orúkọ kan náà, oníbàárà tó bá sì ń lo WhatsApp yóò hàn nínú ti ilé pẹ̀lú. Bí oníbàárà bá rí nọ́ńbà ilé, tó sì fi í pamọ́, ó lè máa wo sítátọ́ọ̀sì ìsọmọlórúkọ tí a gbé síbẹ̀. Pípe oníbàárà láti orí síìmù tí kò yẹ ni nọ́ńbà ilé fi sábà máa ń já sí i lọ́wọ́. Kí fóònù máa béèrè síìmù tí a fẹ́ fi pè nígbà kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi “Oníbàárà” ṣáájú orúkọ wọn. Ètò ìpamọ́ sítátọ́ọ̀sì náà gba kí a yọ wọ́n kúrò.

Ewu tó burú jù wà lára síìmù tí a kì í fi pè. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà lè ti síìmù tí kò bá mú owó kankan wọlé fún 180 ọjọ́, wọ́n sì lè ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn nígbà tó bá yá. Onílé kì í tètè mọ̀, nítorí WhatsApp ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí dátà síìmù kejì. Àmì rẹ̀ ni pé ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì síìmù náà kò sí lójú fóònù mọ́. Bí olówó tuntun bá fi nọ́ńbà yẹn forúkọ sílẹ̀, kóòdù yóò lọ bá a, WhatsApp yóò sì jáde lórí fóònù onílé. Two-step verification, tó ń béèrè nọ́ńbà àṣírí mẹ́fà, lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá nọ́ńbà padà. Kí a máa fi síìmù náà pe ènìyàn kan lóṣooṣù, ìṣẹ́jú kan ti tó.