Ọ̀rọ̀ ojú fídíò nínú ìpolówó ọjà

Ọ̀rọ̀ ojú fídíò jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ tí ó máa ń hàn lórí àwòrán tí ń rìn, kí ẹni tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ lè mọ ohun tí à ń sọ. Nínú ìpolówó ọjà, àwọn adití nìkan kọ́ ni à ń kọ ọ́ fún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí etí wọn dá ṣáṣá ni wọ́n ń wo ìpolówó láìṣí ohùn rẹ̀. Ní ọdún 2013 ni Fesibúùkù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí fídíò máa ṣí fúnra rẹ̀ láìsí ohùn. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé nínú àyẹ̀wò tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ojú fídíò fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún kún àkókò tí àwọn ènìyàn fi ń wo ìpolówó.

Ní Màríínà, ní Erékùṣù Èkó, ó rọrùn láti rí irú òǹwòran bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti ibẹ̀ lọ sí Máìlì 2. Ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ tí ó ń fi àtàǹpàkò yí ojú fóònù rẹ̀ kò ní fẹ́ kí ariwo ìpolówó bẹ́ sí etí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìpolówó kan tí a fi ọkàn rò ṣe àpẹẹrẹ. Olóhùn rẹ̀ ń sọ pé: “Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ gbọ́ o! Ọkọ̀ tuntun ti dé sí Màríínà. Ẹ̀yin tí sún kẹ̀rẹ̀ fà kẹ̀rẹ̀ orí afárá ti sú, ọkọ̀ ojú omi wa yóò gbé yín dé Àpápá láìsí wàhálà.” Bí a bá da gbogbo rẹ̀ sójú fídíò, òǹwòran yóò máa kàwé, kò ní rí àwòrán. Nítorí náà, a ó gé e kúrú. “Ẹ gbọ́ o” kò wúlò fún ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, àwòrán sì ti fi afárá hàn. Ohun tí ó kù nìyí, nínú fáìlì `.srt`:

```
1
00:00:00,500 --> 00:00:03,000
Ọkọ̀ tuntun ti dé sí Màríínà.

2
00:00:03,200 --> 00:00:05,700
Sún kẹ̀rẹ̀ fà kẹ̀rẹ̀
ti sú yín?

3
00:00:06,000 --> 00:00:09,000
Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi
lọ sí Àpápá.
```

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ipò ọ̀rọ̀ náà. Ìlà kejì sọ ìgbà tí yóò hàn àti ìgbà tí yóò parẹ́. Ìlà ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí a ti gé ìlà náà ṣe pàtàkì: bí “ọkọ̀” bá dá dúró ní òpin ìlà, tí “ojú omi” bọ́ sí ìsàlẹ̀, òǹkàwé ará Èkó yóò ti ro ọkọ̀ dáńfó kí ojú rẹ̀ tó dé ìlà kejì.

Àmì ohùn ni ibi tí iṣẹ́ yìí ti le jù ní èdè Yorùbá. Ẹni tí ó ń gbọ́ ohùn kò lè ṣi ọ̀rọ̀ náà mú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó pa ohùn kò ní nǹkan mìíràn ju àmì lọ. Bí a bá yọ àmì kan ṣoṣo kúrò lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, “Ọkọ tuntun ti dé sí Màríínà” ni yóò kù, ìyàwó tuntun nìkan ni a ó sì máa wá. Bí a bá tún yọ àmì abẹ́ rẹ̀, ó di oko. Àwọn kan máa ń sọ pé àyíká ọ̀rọ̀ yóò tú u, ṣùgbọ́n ìpolówó oníṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kò ní àyíká púpọ̀, gbólóhùn àkọ́kọ́ ni òǹwòran sì fi ń pinnu bóyá òun yóò dúró.

Kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ní wàhálà tirẹ̀. Lẹ́tà “ọ” ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ètò Yunikóòdù, ṣùgbọ́n “ọ̀” kò ní. Lẹ́tà àti àmì ni a so pọ̀. Nítorí èyí, àwọn ohun èlò kan yóò ka “ọkọ̀” sí lẹ́tà mẹ́rin, wọn yóò sì kìlọ̀ pé ìlà ti gùn jù nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. `UTF-8` ni kí a fi pa fáìlì náà mọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà mìíràn, àmì ìbéèrè lè gba ipò “ẹ” àti “ṣ”. Bí ó bá sì jẹ́ pé irú lẹ́tà tí a lò ni kò ní àmì wọ̀nyí, àpótí kékeré yóò hàn, tàbí kí àmì fò kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀.

Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ olùpolówó fi ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́ àwòrán pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí lórí fóònù gbogbo, ṣùgbọ́n òǹwòran kò lè pa á, àṣìṣe inú rẹ̀ kò sì ṣe é tún ṣe láìgbé fídíò tuntun jáde. Fún fídíò tí ó dúró lóòró, kí ọ̀rọ̀ má ṣe wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ olùpolówó àti bọ́tìnì máa ń bò. Lẹ́tà funfun lórí ilẹ̀ dúdú ṣe é kà dáadáa. Kí a tó gbé e jáde, kí a fún ẹni tí kò gbọ́ ìpolówó náà rí ní fóònù tí a ti pa ohùn rẹ̀, kí ó kà á sókè. Ibi tí ó bá ti dúró tàbí tí ó ti pe ọkọ̀ ní ọkọ ni a ó tún ṣe.