Lẹ́tà M Ló Tú Àṣírí: Bí Orúkọ Ètò Ìjọba Ṣe Ń Di Ọ̀rọ̀

Ẹni tó bá dúró lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Anthony láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó ń wo bí ọkọ̀ ṣe tò gbọọrọ lórí Ìkòròdú Róòdù, kò ní bi ẹnikẹ́ni ìdí tí lẹ́tà T fi ṣíwájú nínú THEMES, orúkọ ètò tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú gbé wá nígbà tó gorí àléfà lọ́dún 2019. Traffic ni T, ìyẹn sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ àti ọ̀rọ̀ ìrìnnà. Health ni H, ìlera, wọ́n sì fi àyíká kún un. Education ni E àkọ́kọ́, òun àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Entertainment ni E kejì, eré ìnàjú àti ìrìn-àjò afẹ́. Security ni S tó kẹ́yìn, ààbò pẹ̀lú ìṣàkóso rere.

M ni mo fò. Making Lagos a 21st Century Economy ni wọ́n kọ síbẹ̀: sísọ Èkó di ìlú tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ bá ọ̀rúndún yìí mu. Ẹ wò ó dáadáa. Orúkọ nǹkan ni márùn-ún yòókù, M nìkan ló jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ọrọ̀ ajé gan-an, Economy, E ló fi bẹ̀rẹ̀, E méjì sì ti wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹ̀kẹta sí i, orúkọ náà ò ní ṣeé pè mọ́. Ni wọ́n bá fi Making ṣíwájú rẹ̀. Èmi ò sí níbi tí wọ́n ti jókòó ṣe é o, àmọ́ bí aṣọ bá ní ojú rírán, ibi tí ojú rírán tiẹ̀ wà nìyẹn.

Lẹ́tà mẹ́fà kò sì lè gbé gbogbo bùkátà Èkó. Ìdí nìyẹn tí àyíká fi gun ẹ̀yìn ìlera, tí ìmọ̀ ẹ̀rọ fi gun ẹ̀yìn ẹ̀kọ́. Nígbà tí sáà kejì dé lọ́dún 2023, tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́, ìdọ́gba láàárín ọkùnrin àti obìnrin, àti àwọn tí wọ́n ti sẹ́yìn láwùjọ kún un, kò sáyè mọ́. Àmì ìròpọ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí orúkọ náà, ó di THEMES+.

Ìjọba àpapọ̀ náà ti dá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2012, lẹ́yìn wàhálà owó ìrànwọ́ epo, SURE-P dé: Subsidy Reinvestment and Empowerment Programme. Lẹ́tà méjì ni wọ́n gé lára Subsidy kí SURE tó lè jáde, P kò sì rí ibi jókòó, ó dúró síta pẹ̀lú dáàṣì. Ti àjọ DAWN tó wà nílùú Ìbàdàn ló dùn mọ́ mi jù: Development Agenda for Western Nigeria. Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàárín nìkan ni wọ́n fò, kò sí èyí tí wọ́n fi tipátipá fà wọlé.

Bó bá wá jẹ́ Yorùbá ńkọ́? Ká ní àwọn òbí kan ní Anthony fẹ́ dá kíláàsì ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà, tí wọ́n sì fẹ́ kó máa jẹ́ ÌMỌ̀. Ì kò le: ìrànwọ́, ìtọ́jú, ìdàgbàsókè, rẹpẹtẹ ni wọ́n. Ọ̀ náà rọrùn, ọmọdé ti wà níbẹ̀. M ni ìṣòro, torí pé lẹ́tà fáwẹ̀lì ló pọ̀ jù níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ tiwa. Ẹ̀kọ́ ì bá bá iṣẹ́ wọn mu, ṣùgbọ́n Ẹ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ ìṣe, kí wọ́n tún ìró àkọ́kọ́ rẹ̀ pè: mọ̀wé á di mímọ̀wé. Ó wá di Ìrànwọ́ fún Mímọ̀wé Ọmọdé. Fún náà wà níbẹ̀ láìgba lẹ́tà kankan.

Kí wọ́n wá kà á sétí ẹni tí kò mọ̀ pé lẹ́tà ni wọ́n ń wá. Bí onítọ̀hún bá mọ ohun tí kíláàsì náà ń ṣe, ó ti yege. Bó bá béèrè pé kí ni wọ́n ń sọ, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ àárín wá, tàbí kí wọ́n yan orúkọ mìíràn.

Ó ku ẹni tí yóò kọ bọ́ọ̀dù. Bó bá lọ gbàgbé àmì tó wà lábẹ́ Ọ, IMO ló kọ yẹn, ìpínlẹ̀ kan ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lápá ìlà-oòrùn, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọkọ̀ ojú omi náà sì ń jẹ́ ẹ. Kí wọ́n kọ orúkọ náà ní kíkún sábẹ́ ìkékúrú rẹ̀, kí wọ́n sì dúró ti oníbọ́ọ̀dù títí yóò fi kán àmì náà síbẹ̀.