Ẹni tó ń kun dáì ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, àti ìdí tí irun tó ki fi máa ń pọ́n níbì kan tó sì dúdú níbòmíì

Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù onídìrí, iṣẹ́ kì í mọ́ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ bákan náà. Ẹnì kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí dídì, ẹnì kan wà tó jẹ́ pé rílásà ló mọ̀ ọ́n fi sí jù. Tí oníbàárà bá wọlé tó ní òun fẹ́ kun dáì, ọ̀gá máa ń wá ẹni tí ó mọ̀ pé ó ní sùúrù. Iṣẹ́ ẹni yẹn le ju bó ṣe rí lójú lọ, pàápàá tí irun bá ki tàbí tó gùn. Tí irun bá wá pọ́n níbì kan, tó dúdú níbòmíì, oníbàárà á ní ayédèrú ni dáì náà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé dáì kò dé ibẹ̀ rárá, tàbí pé èyí tó dé ibẹ̀ kò tó.

Dáì tí wọ́n ń pò mọ́ dẹfẹ́lọ́pà kì í ṣe ọ̀dà tó ń jókòó lójú irun. Láti 1907 tí Eugène Schueller, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn onídìrí ìlú Párísì, bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ kò yí padà púpọ̀. Èròjà inú rẹ̀ kéré nígbà tó ń wọnú irun. Tó bá dé inú lọ́hùn-ún, pẹrọ́sáìdì tó wà nínú dẹfẹ́lọ́pà á mú kí wọ́n so pọ̀, wọ́n á sì tóbi débi pé omi kò ní lè fọ̀ wọ́n jáde mọ́. Pẹrọ́sáìdì yìí kan náà ló ń bó díẹ̀ lára dúdú irun. Ṣùgbọ́n inú ọ̀rinrin ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Níbi tí dáì bá ti fẹ́lẹ́ jù, á gbẹ, tó bá sì ti gbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ parí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú orí kan wò. Obìnrin kan ni, kò fi rílásà sí irun rẹ̀, kò sì kun dáì rí. Irun náà ki, tí wọ́n bá nà án, á kan èjìká. Kò ní ewú. Ó fẹ́ kó di búráùn, wọ́n sì fẹ́ lo dẹfẹ́lọ́pà fólúùmù 20, èyí tí pẹrọ́sáìdì inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni tó mú búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ti fi dáì náà tọ́ ẹ̀yìn etí rẹ̀ wò ní wákàtí 48 ṣáájú, torí pé ara ẹlòmíì kì í gbà á.

Irun yẹn ò gbọ́dọ̀ wà ní kíká. Orí ìká ni búrọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀ kọjá, inú rẹ̀ á sì gbẹ. Wọ́n á tú u, wọ́n á sì nà án. Díráyà á ṣe é, ṣùgbọ́n èmi fara mọ́ kí wọ́n fi òwú kó o sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí irun tí wọ́n kó máa ń nà láì jẹ́ pé iná kàn án.

Wọ́n á wá ya orí sí mẹ́rin. Ìlà kan á ti àárín iwájú orí lọ sí ìpàkọ́, ìkejì á ti etí kan gba àtàrí lọ sí etí kejì. Wọ́n á fi kílíìpù di mẹ́ta mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló sábà máa ń ki jù, nígbà tí irun ẹ̀bátí fẹ́lẹ́, tó sì ń tètè gba dáì. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí: ọmọṣẹ́ á rí i pé òun ti ya orí sí mẹ́rin, á sì máa kun ìdá kan lẹ́ẹ̀kan náà. Inú ìdá kọ̀ọ̀kan ló ti yẹ kó fi ìrù òòyà máa la irun ní ìlà-ìlà, kí ìlà kan má nípọn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìlà ṣùkú lọ dáadáa. Tó bá tẹ́ ìlà náà sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tí kò sì rí àtẹ́lẹwọ́ láàárín irun, ó ti ki jù nìyẹn, kó tún un là sí méjì.

Búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀, ó sì pẹlẹbẹ. Wọ́n máa ń dà á díẹ̀ ni, kó má dúró ṣánṣán, kí ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń tẹ dáì mọ́ irun. Ẹni tó ń fi ṣóńṣó rẹ̀ tọ́ irun fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, òkè nìkan ló ń kun. Á kun ojú ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, á yí i padà, á kun ẹ̀yìn rẹ̀, á wá fi ìka inú ìbọ̀wọ́ fún un lọ títí dé ṣóńṣó irun. Kò ní fi òòyà yà á, torí òòyà á kàn wọ́ dáì kúrò lára irun ni. Irun tó gbà á tó máa ń wúwo, á sùn kalẹ̀, á máa dán. Tí èèyàn bá ṣì rí irun tó nàró gbẹrẹfu, dáì kò tíì tó.

Ahun ọ̀gá ló máa ń fà á nígbà míì. Túùbù mìlílítà 60 kan, tí wọ́n pò mọ́ dẹfẹ́lọ́pà tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà, á kárí irun kúkúrú. Orí tí à ń sọ yìí á gba méjì, ó lè gba mẹ́ta. Wọn kì í sì í po gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí àtìgbà tí wọ́n bá ti pò ó ni agbára rẹ̀ ti ń dín kù.

Wọ́n á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sílẹ̀ ní ìdí irun. Awọ orí gbóná, ooru rẹ̀ sì ń mú dáì ṣiṣẹ́ kíákíá. Àárín irun àti ṣóńṣó ló ń ṣáájú. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 20, wọ́n á po òmíràn, wọ́n á sì kun ìdí irun bí wọ́n ṣe tò ó tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti máa ń ka iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí. Ti ewú yàtọ̀ sí èyí: ìdí irun, níbi tí ewú ti pọ̀ jù, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Irun tí wọ́n là ní ìbú nígbà tí wọ́n ń kun ún, òòró ni wọ́n á là á báyìí. Ẹ̀yìn etí, ẹ̀yìn ọrùn àti ojú ìlà méjèèjì tí wọ́n fi ya orí ni dáì máa ń fò jù.

Tí wọn kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ tí obìnrin náà bá lọ di irun ni àṣírí á tú. Bí onídìrí bá ṣe ń la pàtẹ́wọ́, á rí ibi tó ṣì dúdú nínú. Tí ó bá jẹ́ inú nìkan ló dúdú tí òkè pọ́n, ìlà wọn ló ki jù. Tí ìdí irun bá pọ́n ju ìyókù lọ, ìdí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó fò ṣeé tún ṣe: wọ́n á po díẹ̀ irú èyí tí wọ́n lò, wọ́n á sì kun ún sí ibẹ̀ nìkan. Fún ìdí irun tó pọ́n jù, wọ́n á lo àwọ̀ tó fi ìpele kan dúdú sí i, pẹ̀lú fólúùmù 10, wọn kò sì ní jẹ́ kó kan ìyókù. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ pé dáì dúdú ti wà lórí tẹ́lẹ̀, bó ti wù kí wọ́n là á tẹ́ẹ́rẹ́ tó, kò ní di búráùn, nítorí dáì kì í bó dáì. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ bi oníbàárà ní ohun tó ti fi sórí rí, kó tó já páálí rárá.