Pánò oòrùn: iye iná wo ni yóò kù lẹ́yìn ọdún 10?

Pátákó tí ń sọ oòrùn di iná, èyí tí a ń pè ní pánò, kì í fi ogbó hàn lójú. Ó lè máa dán bí ọjọ́ tí a rà á, síbẹ̀ iná tí ó ń mú wá ń dínkù díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye tí yóò kù ní láti ka ìwé gàràǹtí rẹ̀ kí ó tó sanwó.

Gàràǹtí méjì ni ó sábà máa ń wà nínú ìwé náà. Èkíní wà fún ara pánò, bí ilé iṣẹ́ kò bá ṣe é dáadáa. Èkejì wà fún agbára rẹ̀: ó sọ iye iná tí kò gbọdọ̀ dín sí. Èkejì yìí ni a ó yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a mú pánò kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 400. Ìwé rẹ̀ sọ pé ní ọdún kìíní, kò ní pàdánù ju 2 nínú 100 lọ. Láti ọdún kejì títí dé ọdún 25, kò ní pàdánù ju 0,55 nínú 100 lọ lọ́dún.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn ọdún kìíní, 98 ni ó kù nínú 100. Ọdún 9 ni ó ṣẹ́ kù kí ọdún 10 tó pé:

9 × 0,55 = 4,95
98 − 4,95 = 93,05

Bí a bá wá 93,05 nínú 100 lára wáàtì 400, a ó rí wáàtì 372.

Pánò mìíràn wà, òun náà jẹ́ wáàtì 400. Ìwé tirẹ̀ sọ pé: 90 nínú 100 títí di ọdún 10, 80 nínú 100 títí di ọdún 25. Ní ọdún 10, wáàtì 360 ni ó ṣèlérí. Ìyàtọ̀ náà dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún 11: ìwé àkọ́kọ́ ṣì ṣèlérí wáàtì 370, èkejì já sí 320 lójijì. Bákan náà, bí pánò kejì bá ti já sí 360 ní ọdún kejì, olówó rẹ̀ kò ní ẹjọ́ kankan láti rò.

Ẹ rántí pé inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń wọn wáàtì 400 yìí, nígbà tí ooru ara pánò jẹ́ ìwọ̀n 25. Lórí òrùlé páànù lọ́sàn-án, ooru náà lè dé 60, pánò tuntun pàápàá yóò sì mú nǹkan bí wáàtì 350 wá. Ooru ni ó fa èyí, kì í ṣe ogbó. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé pánò ti gbó, ẹ fọ eruku ara rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí oníṣẹ́ iná wọ̀n ọ́n ní wákàtí kan náà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí òun nìkan bá rẹlẹ̀ jìnnà, ẹ mú ìwé gàràǹtí àti ìwé owó tí ẹ fi rà á lọ bá ẹni tí ó tà á.