Rabdomayólísíìsì

Rabdomayólísíìsì ni àìsàn tí àwọn fọ́nrán iṣan ara fi ń fọ́, tí àwọn ohun inú wọn sì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ó lè wáyé bí ohun tó wúwo bá wó lu ènìyàn, tàbí bí ènìyàn bá ṣe iṣẹ́ agbára tí kò mọ́ ọn lára.

Irú fọ́nrán iṣan

Fọ́nrán iṣan pín sí oríṣi méjì pàtàkì. Èyí tó lọ́ra máa ń lo ọ́ksíjìn, kì í sì í tètè rẹ̀ ẹ́. Ó pupa nítorí máyóglóbìnì, purotéènì tó ń tọ́jú ọ́ksíjìn sínú rẹ̀. Èyí tó yá máa ń lo ṣúgà tó ti kó pamọ́; agbára rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń rọra rìn ní ìgboro Ìkàrẹ́ ń lo ti àkọ́kọ́ jù. Bí ó bá sáré gun òkè Ọ̀kà, ti ìkejì náà yóò wọ iṣẹ́.

Bí iṣan ṣe ń súnkì

Bí ọpọlọ bá ránṣẹ́ sí iṣan, kálísíọ̀mù yóò jáde láti inú àpò kan nínú fọ́nrán. Òun ló ń ṣí ojú ibi tí purotéènì míósìnì ti lè di áktìnì mú, kí ó sì fà á. ATP, èròjà agbára inú sẹ́ẹ̀lì, ló ń jẹ́ kí míósìnì jọ̀wọ́ áktìnì. Agbára rẹ̀ náà la fi ń dá kálísíọ̀mù padà sínú àpò. Nítorí náà, iṣan nílò agbára láti dẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti nílò rẹ̀ láti súnkì.

Bí àìsàn náà ṣe ń ṣẹlẹ̀

Bí ATP bá tán, tàbí bí awọ fọ́nrán bá ya, kálísíọ̀mù yóò kún inú fọ́nrán. Fọ́nrán kò ní lè dẹ̀ mọ́, àwọn ẹ́ńsáìmù yóò sì máa jẹ ẹ́ láti inú. Sísọ̀kalẹ̀ láti orí òkè máa ń ya fọ́nrán ju gígùn rẹ̀ lọ, nítorí iṣan itan ń nà bí ó ti ń súnkì láti gbé ara dúró. Máyóglóbìnì tó tú jáde lè ba kídìnrín jẹ́. Pọtásíọ̀mù tó tú jáde lè da ìlù ọkàn rú.

Àmì àti ìtọ́jú

Bí àpẹẹrẹ, ọ̀dọ́ tí kò ṣe eré ìdárayá fún oṣù mélòó kan lè sáré gun òkè, kí ó sì sáré sọ̀ ọ́ lábẹ́ oòrùn. Lọ́jọ́ kejì, itan rẹ̀ wú, ó ń ro ó gan-an, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí omi tíì tó ki. Bébà àyẹ̀wò ìtọ̀ yóò ní ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n máíkírósíkóòpù kò ní rí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa: máyóglóbìnì ni bébà náà rí. Omi tí a tètè fà sí i lára ní ilé ìwòsàn ló ń dáàbò bo kídìnrín. Oògùn ìrora bíi aibuprofẹ́ẹ̀nì lè tún pa kídìnrín náà lára.

Ẹ̀jẹ̀ AS

Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 yẹ àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú 47,944 wò ní Amẹ́ríkà. Ewu àìsàn yìí fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ AS, ṣùgbọ́n ewu ikú wọn kò pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ AS wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Kò ní kí ẹni tó ní in má ṣe eré ìdárayá. Ohun tó yẹ ni kí ó máa fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó máa mu omi, kí ó sì dúró bí iṣan bá ti ń ro ó.