“O” Tàbí “Ẹ”: Bí Wọ́n Ṣe Ń Kí Àgbà Ilé ní Èdè Faransé àti Sípáníìṣì

Ọmọ Yorùbá tí ó bá sọ “o” sí ìyá àgbà kò ní í lọ láìgba ìbáwí. Ọjọ́ orí ló ń pàṣẹ. Ìdí nìyí tí Yorùbá tó ń kọ́ èdè Faransé fi máa ń sáré gbá “vous” mú fún gbogbo àgbà, nítorí ó jọ “ẹ” púpọ̀: àgbà kan ni wọ́n ń sọ ọ́ sí, ọ̀pọ̀ èèyàn náà ni.

Ṣùgbọ́n nínú ilé Faransé, ìsúnmọ́ra ló ń pàṣẹ. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ìdílé lónìí, ọmọ ọdún 6 a máa kí ìyá àgbà ẹni ọdún 80 pé “Comment vas-tu, mamie ?”, kò sì sí àrífín níbẹ̀. Bí ó bá sọ pé “Comment allez-vous ?”, ìyá náà lè máa rò ó pé kí ló dé tí ọmọ yìí ń ṣe bí àjèjì sí òun. Ìwọ̀nba ìdílé díẹ̀ tó di àṣà àtijọ́ mú ni ọmọ ti ń sọ “vous” sí òbí.

Ti àna yàtọ̀. Ká ní ọmọbìnrin kan láti Ìbàdàn fẹ́ ará Faransé, tó sì ń lọ rí ìyá ọkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. “Vous” ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà lè máa sọ “tu” sí i; ìyẹn nìkan kò tíì fún un láyè láti dá “tu” padà. Kó dúró títí ìyá yóò fi sọ pé “On peut se tutoyer”. Láti ìgbà náà lọ, bó bá tún rọ̀ mọ́ “vous”, ó dà bí ẹni tó kọ ọwọ́ tí wọ́n nà sí i. Gbogbo gbólóhùn ló sì gbọ́dọ̀ yí padà: “s’il vous plaît” á di “s’il te plaît”.

Ní èdè Sípáníìṣì, ibi tí ìdílé ti wá ló ṣe pàtàkì jù. Ní Màdíríìdì, “tú” ló wọ́pọ̀ fún ìyá àgbà. Ní Bògótà, olú-ìlú Kòlóńbíà, ọ̀pọ̀ ló ń sọ “usted” sí i, àwọn tọkọtaya àti ọmọ ìyá mìíràn pàápàá a máa sọ ọ́ síra wọn. Nítorí náà, “usted” níbẹ̀ kò fi dandan túmọ̀ sí pé ara wọn kò mọ́ra.

Wọn kì í sábà dárúkọ “tú” tàbí “usted” nínú ìkíni. Òpin ọ̀rọ̀ ìṣe ni kí àlejò tẹ́tí sí: “¿Cómo estás, abuela?” jẹ́ ti “tú”, “¿Cómo está, abuela?” jẹ́ ti “usted”. Kó fetí sí bí àwọn ọmọ ilé tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń kí ìyá náà. Bí kò bá sí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ kí i, kó fi “está” bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó bá fẹ́ “tú” á sọ fún un pé “Tutéame”.