Ọfà Kì Í Bẹ̀rẹ̀ Lọ́wọ́ Ẹni Tí Kò Ní

Ọmọ kíláàsì mi kan gbé ìwé ìdánwò rẹ̀ padà wá bá mi, ó ní mo fi máàkì méjì du òun. Ìbéèrè náà kò le. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọfà ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ́sítà bá pàdé háídírọ́kísáìdì. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ọṣẹ dúdú, níbi tí omi eérú ti ń bá àdín jà lórí iná títí àdín á fi di ọṣẹ. Ọmọ náà ya ọfà rẹ̀ dáadáa, ó tẹ̀ bí ọrun. Àmọ́ ara kábọ́ọ̀nù ló ti bẹ̀rẹ̀, ara OH⁻ ló sì parí sí.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ó ní, “ṣebí kábọ́ọ̀nù yẹn ló ń fa OH⁻ mọ́ra?”

Òótọ́ ni, kábọ́ọ̀nù ló ń fà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọfà yìí kọ́ ni láti sọ ẹni tó ń fa ẹnìkejì. Ẹni tó yọ owó lápò ló ń sọ, àti ibi tí owó ọ̀hún bọ́ sí.

Owó tí mo ń wí ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, nǹkan kín-ín-kín-ín tó so átọ́ọ̀mù kan mọ́ èkejì. Ìdè kan láàárín átọ́ọ̀mù méjì jẹ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tí àwọn méjèèjì jọ ní. Àwọn mìíràn wà tí átọ́ọ̀mù kan ní fún ara rẹ̀ nìkan, a sì máa ń fi ẹ̀kán méjì-méjì sàmì wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọfà tó tẹ̀, tí orí rẹ̀ ní ìkọ́ méjì, ń sọ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ló ṣí nípò. Tí ìkọ́ orí rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹyọ kan ló ṣí. Ọdún 1922 ni Kermack àti Robinson lo irú ọfà báyìí nínú ìwé tí wọ́n jọ kọ, láti ìgbà náà ló sì ti di èdè àwọn onímọ̀ kẹ́místrì.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ́sítà kékeré kan, CH₃COOCH₂CH₃, ká tọ ipa rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù kan wà láàárín rẹ̀ tó fi ìdè méjì di ọ́síjìn kan mú, tó sì fi ìdè kan di ọ́síjìn mìíràn mú. Ọ́síjìn kejì yìí ló so mọ́ CH₂CH₃. Ọ́síjìn a máa fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, nítorí náà ebi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń pa kábọ́ọ̀nù tó wà láàárín wọn.

Ní ìgbésẹ̀ kìíní, OH⁻ dé. Ọfà bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ̀kán méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́síjìn rẹ̀, ó lọ sára kábọ́ọ̀nù, ìdè tuntun sì dé. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé bírò sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe wà. Ìdè mẹ́rin ni kábọ́ọ̀nù lè gbà, ìyẹn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́jọ. Tí ẹ bá fi karùn-ún kún un, ó di mẹ́wàá, kò sì sí ibi tó máa kó wọn sí. Nítorí náà ọfà kejì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: ọ̀kan nínú ìdè méjì tó wà láàárín kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn àkọ́kọ́ á tú, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ méjèèjì á sì lọ sórí ọ́síjìn yẹn. Bí àlejò ṣe ń wọlé ni ẹnìkan ń dìde lórí àga.

Ní ìgbésẹ̀ kejì, ọ́síjìn tó gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn á dá wọn padà, ìdè méjì á tún dúró, ìdè tó so kábọ́ọ̀nù mọ́ OCH₂CH₃ á sì já. OCH₂CH₃ á gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì lọ. Ọfà méjì tún nìyẹn: ọ̀kan láti ara ẹ̀kán ọ́síjìn wá sí àárín òun àti kábọ́ọ̀nù, èkejì láti ara ìdè tó já lọ sórí ọ́síjìn tó ń kúrò.

Ìgbésẹ̀ kẹta ló ń tan èèyàn jù. Ásíìdì ló kù sílẹ̀, OCH₂CH₃ tó jáde sì gba háídírójìn kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù. Ojú wa ń rí i pé háídírójìn ló rìn, ọwọ́ wa á sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọfà lára rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Háídírójìn tó ń lọ yìí kò mú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kankan dání. Ọ́síjìn tó ń gbà á ni ọfà ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ sára háídírójìn. Ọfà kejì jáde láti ara ìdè tí háídírójìn fi sílẹ̀, ó padà sórí ọ́síjìn tó ni ín tẹ́lẹ̀.

Báwo la ṣe ń yẹ iṣẹ́ náà wò? Mo sọ fún ọmọ náà pé kó fi ìka tọ ìdí ọfà kọ̀ọ̀kan, kó sì bi í pé kí ló wà níbẹ̀. Tí kò bá bá ẹ̀kán méjì tàbí ìdè kan níbẹ̀, ọfà yẹn ti ṣìnà. Àmì àyọkúrò tó wà lórí OH⁻ gan-an kì í ṣe ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Àmì gbèsè lásán ni. Lẹ́yìn náà kó ka ìdè orí kábọ́ọ̀nù. Ní ìparí, kó ro àmì gbogbo ìlà pọ̀. OH⁻ mú àyọkúrò kan wọlé, àyọkúrò kan ló sì gbọ́dọ̀ kù ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe àfojúdá la fi ń mọ ibi tí àmì náà wà. Ọ́síjìn tó dá wà ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́fà lóde ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kìíní, ọ́síjìn tí ìdè rẹ̀ kan tú ní ẹ̀kán mẹ́fà fún ara rẹ̀, ó sì tún ní ìdajì ìdè kan tó kù, ìyẹn ẹyọ kan. Àpapọ̀ jẹ́ méje. Ó fi ọ̀kan lé ní mẹ́fà, orí rẹ̀ sì ni àyọkúrò wà.

Ọmọ náà lọ, ó tún un ṣe, ó padà dé pẹ̀lú àwòrán tó yàtọ̀ pátápátá. Ó ní kí OH⁻ kọlu kábọ́ọ̀nù CH₂ tó wà lápá kejì, kí ìdè tó so ó mọ́ ọ́síjìn já. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí ọfà méjèèjì pé, kábọ́ọ̀nù kò ju ìdè mẹ́rin lọ, àmì dọ́gba. Ohun tó sì jáde níkẹyìn bá tàwa mu: ásítéètì àti ẹ́tánọ́ọ̀lù. Ìwé owó rẹ̀ bára mu délẹ̀, síbẹ̀ owó kò gba ibẹ̀ kọjá.

Báwo la ṣe mọ̀? Ní 1934, Polanyi àti Szabó mú ẹ́sítà tó jọ tiwa, ámáìlì ásítéètì, wọ́n sì fi omi tí ọ́síjìn rẹ̀ wúwo ju ti gbogbo ayé lọ tú u. Bó bá jẹ́ ọ̀nà tí ọmọ náà yà ni, inú ọtí tó jáde ni ọ́síjìn wíwúwo yẹn ì bá wọ̀. Wọn kò bá a nínú ọtí. Ọtí náà gbé ọ́síjìn tirẹ̀ láti ilé jáde ni, ìdè tó já sì ni èyí tó so ọ́síjìn yẹn mọ́ kábọ́ọ̀nù tí ebi ń pa.

Mo dá máàkì kan padà fún ọmọ náà nítorí ìṣirò rẹ̀ tó pé. Ìkejì ń bẹ lọ́wọ́ omi wíwúwo.